Iṣẹ́ 300 dọ́là lóṣù láti ilé: ṣé owó iná àti dátà ò ní jẹ ẹ́ tán báyìí?

ÀdùnníApẹ̀tẹ̀:
Ẹ káàsán o ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan kí n tó fọwọ́ síwèé. Iléeṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà fẹ́ gbà mí kí n máa dá àwọn kọ́sítọ́mà wọn lóhùn láti ilé, 300 dọ́là lóṣù, kọ́ńtíráàtì oṣù 6, àmọ́ wọ́n ní ìdánwò ni oṣù 3 àkọ́kọ́, wọ́n lè ní kí n máa lọ ilé nígbàkigbà. Aago 9 àárọ̀ sí 5 ìrọ̀lẹ́ ti Níú Yọ́ọ̀kì ni wọ́n ń lò. Wọ́n ní kí n ní láptọ́ọ̀pù, mọ́nítọ̀ kejì, hẹ́ẹ̀dísẹ́ẹ̀tì, íńtánẹ́ẹ̀tì tí kì í já, àti nǹkan tí màá máa lò tí wọ́n bá mú iná lọ. Gbogbo ẹ̀, ọrùn mi ló wà.

180,000 ni mò ń gbà níbi tí mo wà báyìí, 30,000 nínú ẹ̀ ń bá ọkọ̀ lọ. Apẹ̀tẹ̀ n'Ìbàdàn ni mò ń gbé, sẹ́ẹ̀fù-kọ́n, láptọ́ọ̀pù àti ráútà 4G kan péré ni mo ní. Tí mo bá ṣẹ́ dọ́là ní 1,500, 450,000 ló jẹ́, inú mi ti ń dùn tẹ́lẹ̀, àfi ìgbà tí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ní tí mo bá yọ owó iná àti dátà tán kò ní ku nǹkan kan. Ṣé òótọ́ ni àbí ó kàn fẹ́ dẹ́rù bà mí ni?

Kọ́láGẹ́nì:
Àǹtí ẹ fọwọ́ sí i jàre. Ẹ ra jẹ́nẹ́ kékeré, ai-bẹ́tà-pás yẹn, ẹ gbé e sẹ́yìnkùlé ó tán. Bíi 120,000 ni wọ́n ń ta tuntun ládùúgbò wa, àwọn tó ń sọ ínfátà ínfátà yẹn, owó tí wọ́n ní ni wọ́n ń fi hàn.

Jẹ́jẹ́Layé:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi náà ń wá iṣẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì láti ọdún tó kọjá, mo mọ kọ̀ǹpútà lò dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi línkì ẹ̀ síbí.

Baba Wáyà:
Jẹ́jẹ́Layé, kì í ṣe iṣẹ́ là ń pín níbí o.

Àdùnní, kí n tó sọ ohunkóhun: aago mélòó ni wọ́n ń mú iná wá l'Apẹ̀tẹ̀? Mi ò bèèrè wákàtí mélòó o, mo ní aago mélòó sí aago mélòó. Torí ẹni tó ní iná fún wákàtí 8 láàárọ̀ àti ẹni tó ní wákàtí 8 lóru, iṣẹ́ kan náà kò lè ná wọn ní iye kan náà. 9 àárọ̀ Níú Yọ́ọ̀kì yẹn, aago 3 ọ̀sán wa ni nígbà òtútù wọn, aago 2 sì ni láti oṣù kẹta tí wọ́n bá ti yí aago wọn. Kọ wákàtí iṣẹ́ rẹ sápá kan ìwé, kọ ti NẸ́PÀ sápá kejì, fi ọ̀sẹ̀ méjì máa sàmì síbi tí iná ti lọ. Kò sí nǹkan tó o máa rà yàtọ̀ sí bírò.

ÀdùnníApẹ̀tẹ̀:
Ẹ ṣé Bàbá. Báǹdì D la wà. Ní tòótọ́ kì í sábà wá lọ́sàn-án, ó máa ń dé bí aago 10 alẹ́, wọ́n á sì mú un lọ bí aago 6 ìdájí. Ọjọ́ mìíràn á dé ní 8. Ọjọ́ mìíràn a ò ní rí i rárá.

Baba Wáyà:
Ó ti hàn. Aago 3 sí 11 ni iṣẹ́, aago 10 ni iná. Wákàtí 7 nínú 8 lo máa fi ṣiṣẹ́ láìsí NẸ́PÀ lójoojúmọ́. Ìyẹn ló yẹ kó o fi bẹ̀rẹ̀ ìṣirò, kì í ṣe 450,000.

Ínfátà ni mò ń so láti ọdún mẹ́rìnlá, ohun tí mo máa ń rí ni pé bátìrì làwọn èèyàn ń kọ́kọ́ bèèrè, wọn kì í bèèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi fà á. Láptọ́ọ̀pù rẹ á jẹ bíi wọ́ọ̀tì 50, ráútà 10, mọ́nítọ̀ 25, gílóòbù 10, fáànù onídùúró 50. Àròpọ̀ ẹ̀ 145. Ṣó o rí i, fáànù ń jẹ tó láptọ́ọ̀pù tó ń mówó wá. Bátìrì olómi 100 áńpíà, tó o bá fẹ́ kó pẹ́ lọ́wọ́ ẹ, ìlàjì ẹ̀ péré ni kó o máa lò, ínfátà fúnra ẹ̀ náà á jẹ díẹ̀, nǹkan tó máa dé ọ̀dọ̀ rẹ kò ju bíi wọ́ọ̀tì 500 fún wákàtí kan lọ. Pín in sí 145, wákàtí mẹ́ta àtààbọ̀ kò ní pé tán tó máa kú. Aago mẹ́fààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ nìyẹn, kọ́sítọ́mà ṣì wà lórí fóònù.

Lítíọ́ọ̀mù 100 áńpíà máa gbé tó ìlọ́po méjì ìyẹn, bíi 980. Tó o bá wá ra fáànù tó ń gba chájì tó o yọ 50 yẹn kúrò, 95 ló kù, wákàtí 7 jẹ́ 665. Ó gbé e, ó sì tún ṣẹ́kù fún ọjọ́ tí iná bá pẹ́ dé.

Ohun mìíràn tó jẹ́ kí n sọ pé lítíọ́ọ̀mù ni pé òru nìkan lo ní láti fi gba chájì. Bátìrì olómi máa ń lọ́ra gan-an tó bá ti fẹ́ kún, wákàtí mẹ́jọ yẹn lè má tó o, ọjọ́ kejì wàá tún fà á lọ sílẹ̀ láìtíì kún, kò ní pé ọdún kan tó máa wú. Lítíọ́ọ̀mù pẹ̀lú chájà 20 áńpíà, wákàtí márùn-ún ó ti kún. Àmọ́ ṣé iná yín lágbára lóru? Tó bá wálẹ̀ sí 140 fọ́ọ̀tì bíi tàwọn ibì kan, ínfátà mìíràn kò ní gbà á rárá, o máa rò pé o ti ń gba chájì, o ò gba nǹkan kan.

ÀdùnníApẹ̀tẹ̀:
Hmm. Gílóòbù wa máa ń pupa lóru nígbà mìíràn o. Mi ò mọ̀ pé ó kàn mí.

ỌmọṢakí:
Ẹ má dára yín láàmú. Èmi ń ṣe tirẹ̀ láti Ṣakí, ohùn ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí mi, èmi á tẹ̀ ẹ́ síwèé. Pawabáǹkì kan 20,000 ni mo ní, mo fi ń gbé láptọ́ọ̀pù, ó sì tó mi. Mi ò ra ínfátà kankan.

Baba Wáyà:
Ìwọ ò sí lórí fóònù pẹ̀lú kọ́sítọ́mà. Tíná bá lọ lọ́dọ̀ rẹ wàá sùn, wàá jí ní ìdájí, wàá fi iṣẹ́ ránṣẹ́. Pawabáǹkì 20,000 yẹn, tó bá jẹ́ òótọ́ ni ohun tí wọ́n kọ sí i lára, bíi wọ́ọ̀tì 60 fún wákàtí kan ló máa dé inú láptọ́ọ̀pù. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú díẹ̀ ni fún Àdùnní. Iṣẹ́ tìrẹ ni kò béèrè iná, kì í ṣe pawabáǹkì ló lágbára.

ỌmọṢakí:
Òótọ́ ni sà, ẹni tó ń sanwó fún mi ò bìkítà bí mo bá fi ránṣẹ́ ní aago 3 òru. Àmọ́ ẹ̀yin náà ẹ rí i pé irú iṣẹ́ yàtọ̀ síra ni mo ń sọ.

Kọ́láGẹ́nì:
Ẹ ò tíì dá mi lóhùn lórí jẹ́nẹ́. Lítíọ́ọ̀mù àti ínfátà, èló?

ÀdùnníApẹ̀tẹ̀:
Lánàá mo bèèrè lọ́wọ́ ẹnì kan ní Dùgbẹ̀, ínfátà kékeré àti lítíọ́ọ̀mù 100 yẹn, ó ní 560,000 pẹ̀lú owó àtiso. Mọ́nítọ̀ 55,000, hẹ́ẹ̀dísẹ́ẹ̀tì 20,000. Kọ́páráétífù ni mo fẹ́ yá a.

Baba Wáyà:
Ó dáa, Kọ́lá, ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ pọ̀. Jẹ́nẹ́ kékeré ń mu bíi ìlàjì lítà láàárín wákàtí kan. Wákàtí 7 jẹ́ lítà mẹ́ta àtààbọ̀. Ọjọ́ iṣẹ́ 22 lóṣù, lítà 77. Ká ní lítà jẹ́ 900, 69,300 ni lóṣù, mi ò tíì ka ọ́ìlì tí wọ́n ń pò mọ́ ọn.

Ibi tí gbogbo èèyàn ti ń ṣìṣe nìyí. Wọ́n á ní bátìrì máa lo ọdún márùn-ún, wọ́n á wá pín 560,000 sí oṣù 60. Ṣé iṣẹ́ náà ló máa lo ọdún márùn-ún ni? Oṣù tí wọ́n dá lójú pé wọ́n á san owó fún ẹ nìkan ni kó o fi pín in. Fún oṣù 6, ínfátà jẹ́ 93,300 lóṣù. Jẹ́nẹ́, 120,000 pín sí 6 jẹ́ 20,000, fi epo kún un, 89,300. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Àmọ́ tó bá jẹ́ oṣù 3 ìdánwò yẹn ni wọ́n fi lé e dànù, ínfátà di 186,700 lóṣù, jẹ́nẹ́ di 109,300.

Kọ́láGẹ́nì:
Ẹ rí mi báyìí 😂 Bàbá fúnra wọn ló sọ ọ́.

Baba Wáyà:
O jàre fún oṣù 3, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀fù-kọ́n ló wà, onílé á jẹ́ kó tan jẹ́nẹ́ di aago 11 alẹ́ lójoojúmọ́? Ẹni tó ń gbọ́ fóònù, ariwo yẹn á wọnú hẹ́ẹ̀dísẹ́ẹ̀tì. Tó bá sì ní kóun gbé e wọ pàsééjì torí olè, gáàsì olóró tó wà nínú èéfín ẹ̀ ń pa èèyàn lójú oorun, gáàsì yẹn kì í ní òórùn tí wàá fi mọ̀ pé ó ti ń ṣe ẹ́. Àti pé tí iṣẹ́ bá parí, bátìrì ṣì wà ńlẹ̀, ó lè tà á. Epo tó ti jó, ó ti jó.

ÀdùnníApẹ̀tẹ̀:
Onílé wa! Aago 9 ló ń pa tiẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ tan tiẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn.

Mọ́míPẹ́kẹ́mù:
Ẹ kú ìjókòó o. Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà, èmi ni mò ń gba èèyàn síṣẹ́ láti ilé fún ibi tí mò ń bá ṣiṣẹ́, a ní ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin. Àbúrò mi, o ti ń ṣírò ohun tó o máa rà kó o tó bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n máa san. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ní owó kékeré tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún íńtánẹ́ẹ̀tì àti ẹ̀rọ, àmọ́ wọn kì í fi lọ ẹni tí ò bá bèèrè. Kó o tó fọwọ́ sí i ni kó o bèèrè o, tó o bá ti bẹ̀rẹ̀ tán wọ́n á ní ṣebí o ní o ní gbogbo ẹ̀.

Bi wọ́n ní nǹkan mẹ́ta, kí wọ́n fi èsì ẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ nínú ímeèlì. Ẹ̀kíní, tíná tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá mú mi kúrò fún ìṣẹ́jú 20, ṣé ẹ máa yọ owó ẹ̀, àbí mo lè fi ṣe é padà lẹ́yìn aago iṣẹ́? Ẹ̀kejì, fídíò wákàtí mélòó lójúmọ́, ṣé dandan ni kí ojú mi hàn? Ẹ̀kẹta, ṣé orí kọ̀ǹpútà tiyín tó wà lọ́hùn-ún ni màá máa ṣiṣẹ́, tí tèmi kàn jẹ́ fèrèsé tí mo fi ń wò ó? Torí tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá mí kanlẹ̀ báyìí, ó ti lé ẹ síta, wàá tún wọlé lákọ̀tun.

ÀdùnníApẹ̀tẹ̀:
Mọ́mì ẹ ṣeun gan-an. Mi ò mọ̀ pé èèyàn lè bèèrè. Mò ń bẹ̀rù pé wọ́n á ní mo ti ń ráhùn kí n tó dé.

Mọ́míPẹ́kẹ́mù:
Ẹni tó bá torí ìyẹn kọ̀ ẹ́, á lé ẹ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí NẸ́PÀ bá ṣe tiwọn. Ó sàn kó o mọ̀ báyìí.

TísàỌ̀ṣogbo:
Ẹnikẹ́ni ò tíì sọ̀rọ̀ Sítálíǹkì. Mo ra tèmi, ó yára bí iná. Ẹ ra á, ẹ bọ́ lọ́wọ́ àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì yìí.

Baba Wáyà:
Tísà, ó yára lóòótọ́, àmọ́ àwo ẹ̀ ńlá yẹn á fẹ́ wọ́ọ̀tì 50 sí 100, ó lè ju láptọ́ọ̀pù lọ. Ráútà 4G, 10. Ẹni tí bátìrì ẹ̀ kò tíì ju 100 áńpíà lọ tó bá gbé àwo yẹn lé e, ó ti gé wákàtí iṣẹ́ ẹ̀ sí bí ìlàjì. Lọ́dọ̀ yín ẹ ní sólà, kò lè hàn sí yín.

TísàỌ̀ṣogbo:
Ooo. Sólà ni lóòótọ́, panẹ́ẹ̀lì 6.

Ìyá Ìbejì Mọ́níyà:
Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un, torí ohun tó lé èmi kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kì í ṣe iná, bátìrì mi ń bẹ pẹrẹpẹrẹ. Mo ní síìmù méjì, ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, mo rò pé mo ti gbọ́n. Ọjọ́ kan ọ̀kan já, mo yí sí ìkejì, òun náà ti kú. Mo jáde síta lọ bèèrè lọ́wọ́ ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìtòsí wa, ó ní díísù ló tán, pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjèèjì ló so mọ́ òpó kan náà! Ọjọ́ mẹ́ta ni NẸ́PÀ ti lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣẹlẹ̀ nínú oṣù kan, àwọn òyìnbó náà ní kí n máa lọ.

Baba Wáyà:
Ọ̀rọ̀ ńlá lẹ sọ yẹn mọ́mì. Òpó ọ̀hún, iléeṣẹ́ mìíràn ló ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì kàn ń rẹ́ǹtì ẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí síìmù méjì kì í fi í ṣe ọ̀nà méjì nígbà gbogbo. Àdùnní, ọjọ́ tí iná bá ti pé ọjọ́ kejì tí kò wá, yẹ méjèèjì wò lẹ́ẹ̀kan náà. Bí wọ́n bá jọ ń ṣàìsàn, o ti mọ̀.

Má ṣe yẹ nẹ́tíwọ́ọ̀kì wò láàárọ̀ o. Láàárọ̀ gbogbo ènìyàn ti lọ síbi iṣẹ́, ó máa ń yára. Aago 8 sí 10 alẹ́ tí gbogbo àdúgbò ń wo fídíò ni kó o yẹ̀ ẹ́ wò, torí ìwọ á wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà yẹn. Ṣí Command Prompt lórí Windows, tẹ èyí:

```
ping -n 100 8.8.8.8
```

Ó máa fi nǹkan kéékèèké 100 ránṣẹ́, á sì sọ iye tí kò padà. Wo ibi tó kọ `Lost` sí nísàlẹ̀. Ọ̀kan tàbí méjì ò burú. Tó bá ti ń di márùn-ún, mẹ́wàá, ohùn rẹ á máa gé bí èèyàn tó wà nínú kànga, bó ti wù kí spíìdì tẹ́ẹ̀sì ga tó. Kò jẹ dátà tó nǹkan.

ÀdùnníApẹ̀tẹ̀:
Dátà ńkọ́, èló ni kí n fi sí i?

Mọ́míPẹ́kẹ́mù:
Fídíò ló ń jẹ ẹ́. Ka wákàtí kan sí bíi gíìgì kan, ó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ tí ojú èèyàn bá pọ̀. Ohùn nìkan kì í tó gíìgì kan lẹ́yìn wákàtí mẹ́wàá. Ìdí tí mo fi ní kó o bèèrè nípa ojú nìyẹn.

Baba Wáyà:
Kó o sì wọ `Settings`, ibi wáìfáì, kó o tan `Metered connection`. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ Windows máa ń fa ọ́pídéètì wọlé lẹ́yìn rẹ. Mo mọ ẹnì kan tó ra 20 gíìgì lálẹ́ Sunday, nígbà tó máa fi di Tuesday ó ti tán, ó ń bú nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

ÀdùnníApẹ̀tẹ̀:
Mo ti padà o lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án. Wọ́n dá mi lóhùn. Fídíò wákàtí kan lójúmọ́, ìyókù ohùn ni. Kò sí owó íńtánẹ́ẹ̀tì nínú ìdánwò, wọ́n ní 30 dọ́là lóṣù láti oṣù kẹrin. Ìṣẹ́jú tí mo bá pàdánù, wọ́n á yọ ọ́, kò sí pé mo ń ṣe é padà.

Mo wá ṣírò bí Bàbá ṣe wí, mo fi dátà 28,000 àti iná 10,000 sí i. Tó bá pé oṣù 6 pẹ̀lú ínfátà, bíi 306,000 ló máa kù lóṣù kí n tó ka ti 30 dọ́là. Tó bá jẹ́ oṣù 3, 200,000. Èyí tí mò ń ṣe báyìí, tí n bá yọ owó ọkọ̀, 150,000 ló ń kù. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ò jàre tán, kò sì jẹ̀bi tán. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé tí wọ́n bá lé mi lẹ́yìn oṣù kan, mo ti ná 673,000 láti gba 450,000, gbèsè kọ́páráétífù á wá wà lọ́rùn mi.

Ping aago 9 alẹ́: síìmù kan, 11 ló sọnù. Ìkejì, 2. Ìyẹn tó sọnù 11 yẹn ló wà nínú ráútà mi láti ọdún méjì 😭

Kọ́láGẹ́nì:
Ẹ yá ínfátà lò. Àwọn kan ń rẹ́ǹtì ẹ̀ lóṣooṣù.

Baba Wáyà:
Wọ́n ń ṣe é, àmọ́ wo kọ́ńtíráàtì tiwọn náà dáadáa, àwọn kan á ní dandan ọdún kan. Ìyẹn ò yàtọ̀ sí gbèsè.

Ìyá Ìbejì Mọ́níyà:
Ẹ ò lè bẹ ọ̀gá yín kó fún yín ní líìfù oṣù kan, kẹ́ ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò? Ilé ẹnì kan tó wà ní Báǹdì A lẹ lè lọ máa jókòó sí, wákàtí 20 ni wọ́n ní wọn yóò máa gbà.

ÀdùnníApẹ̀tẹ̀:
Àbúrò màmá mi wà ní Bódìjà, Báǹdì A ni. Àmọ́ aago 11 alẹ́ n'Ìbàdàn, ọkọ̀ Apẹ̀tẹ̀ dà? Àfi kí n máa sùn síbẹ̀ fún oṣù kan. Màá lọ bá wọn sọ ọ́ ní Sátidé.

Baba Wáyà:
Lọ sọ ọ́. Tó o bá ń lọ, gbé UPS kékeré tó wà fún ráútà dání, torí ní Báǹdì A náà iná máa ń ṣẹ́jú, ráútà á pa, á tún fi ìṣẹ́jú méjì dìde, kọ́sítọ́mà ti lọ. Kọ́kọ́ dojú ádápútà ráútà rẹ dé kó o ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, 9 fọ́ọ̀tì ni àbí 12. UPS yẹn máa ń ní ihò méjèèjì, ẹni tó bá ki 12 bọ 9, ó ti sun ún nìyẹn.

ÀdùnníApẹ̀tẹ̀:
Mo ti wò ó, 12V 1A ni wọ́n kọ. Ta ló mọ ibi tí wọ́n ti ń ta ojúlówó ẹ̀ n'Ìbàdàn?

Jẹ́jẹ́Layé:
Àǹtí tẹ́ ò bá gba iṣẹ́ náà mọ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fún wọn ní nọ́ńbà mi.